Eyín Tó Gba Ọyún: Ìgbà Wo Ni Kápúsù Wúlò?

Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú nítorí eyín kì í pẹ́ rí oògùn rà ní kẹ́míìsì wa. Wọ́n á ka kápúsù Ámpíkílọ́ọ̀sì fún un, wọ́n á fi oògùn ìrora lé e, wọ́n á sì ní kó jẹ́ kí wíwú náà wálẹ̀ kó tó lọ yọ eyín. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, yíyọ eyín náà gan-an ni yóò mú kí wíwú wálẹ̀.

Bí ihò ara eyín bá ń jìn sí i, yóò kan mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Ní àkókò yìí, omi tútù á máa ta eyín náà, ìrora á sì pẹ́ kó tó lọ, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ní wú. Oògùn apakòkòrò kò ṣe nǹkan kan fún irú ìrora bẹ́ẹ̀. Tó bá yá, mùdùnmúdùn á kú, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní wọ inú eyín mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni oògùn tí a gbé mì ń bá rìn; ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, kápúsù kò lè dé ibẹ̀. Kòkòrò á fi eyín òkú náà ṣe ilé, á máa gba orí gbòǹgbò rẹ̀ jáde sínú egungun, ọyún á sì kóra jọ síbẹ̀. Oògùn lè pa èyí tó wà ní ẹ̀bá ọyún, kí ara sì fúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilé kòkòrò ṣì wà níbẹ̀, yóò tún dé.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan, ẹni ọdún 38, ṣe àpẹẹrẹ. Eyín ńlá ìsàlẹ̀ ló ń dùn ún láti ọjọ́ mẹ́rin. Ẹran ìdí eyín náà wú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń yà dáadáa, ara rẹ̀ kò gbóná, kò sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà eyín fi irin kan eyín náà, obìnrin yìí ta gìrì. Ẹ́síréè fi ibi dúdú kan hàn ní orí gbòǹgbò. Nígbà tí dókítà tẹ ibi tó wú, ó ń yẹ̀ lábẹ́ ìka bí omi inú ọ̀rá. Ọyún ti pọ́n nìyẹn, ó ti tó tú jáde.

Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora kì í ṣiṣẹ́ níbi tí ọyún bá wà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí kíkan tí ibẹ̀ kan máa ń dín agbára abẹ́rẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń gún un jìnnà síbẹ̀, ní ẹ̀yìn àgbọ̀n, níbi tí iṣan ìmọ̀lára ti ń wọlé. Lẹ́yìn náà, á la ibi tó wú díẹ̀ láti inú ẹnu, á fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, á sì yọ eyín náà tàbí kó ṣí i láti tún inú gbòǹgbò rẹ̀ ṣe. Oògùn ìrora nìkan ni aránṣọ wa gbé lọ sílé. Kò nílò kápúsù kankan.

Ká ní obìnrin kan náà dé pẹ̀lú ibà tó wọn 38.6, tí wíwú ti sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ àgbọ̀n tí a kò mọ ibi tó parí sí, tí ẹnu rẹ̀ kò sì yà ju ìka kan lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Àrùn ti kúrò lójú kan. Wọ́n á ṣì tú ọyún, ṣùgbọ́n wọ́n á fi oògùn kún un. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2019 ni àmọ́kísílìnì mílígíráàmù 500, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta sí méje, fún ẹni tí pẹnisílínì kì í bá jà. Wọ́n á tún un wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá sàn, wọ́n lè fi fílájìlì kún un. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ kò gbọ́ oògùn, tàbí tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, wọn kì í fi tirẹ̀ falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìlànà yẹn náà gbà pé kí ẹni tí ọyún ti mú, tí kò sì lè rí dókítà eyín lọ́jọ́ náà, lo oògùn títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oògùn ìdádúró ni. Kò rọ́pò títú ọyún.

Ọ̀kan ṣì wà tó kọjá ọ̀rọ̀ kápúsù pátápátá. Dókítà ará Jámánì tó ń jẹ́ Ludwig ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1836. Abẹ́ àgbọ̀n á wú lápá méjèèjì, á le gbagidi. Ahọ́n á gbéra sókè, ohùn á yí padà, itọ́ á máa dà lẹ́nu nítorí kò ṣeé gbé mì. Ọ̀nà èémí ló ń dí lọ yẹn. Ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru, níbi tí wọ́n á ti dáàbò bo èémí rẹ̀, tí wọ́n á sì fi oògùn sí i lójú iṣan. Nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó bó ṣe rọrùn fún un. Ẹ má ṣe fipá dá a dùbúlẹ̀.