Ìdáhùn Méjì, Máàkì Kan: Lẹ́tà Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin sí Olùkọ́ Rẹ̀

Nínú òfin àdéhùn tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìlérí ẹnu lásán kì í de èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù gba ẹ̀tọ́ ìlérí fún òun gbọ́dọ̀ fi ohun tí òun náà fi lélẹ̀ nítorí rẹ̀ hàn. Ohun náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń pè ní kọnsidiréṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè ìdánwò kan. Káfíńtà gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn ilé kan ní ₦800,000. Nígbà tó ṣe é dé ìdajì, ó dá iṣẹ́ dúró, ó ní owó náà kò ká a mọ́. Àwọn ayálégbé ti fẹ́ kó wọlé, ni onílé bá ṣèlérí ₦200,000 sí i. Káfíńtà parí iṣẹ́, onílé kọ̀, kò san àfikún. Ṣé káfíńtà lè gbà á ní kóòtù?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kò lè gbà á. Ó tọ́ka sí ẹjọ́ Stilk àti Myrick, ọdún 1809. Atukọ̀ méjì sá kúrò nínú ọkọ̀ òkun, ọ̀gá ọkọ̀ sì ṣèlérí pé òun yóò pín owó wọn fún àwọn tó kù. Kóòtù ní wọn kò lè gbà á, torí iṣẹ́ tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Máàkì 8 nínú 20 ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbà, torí ẹjọ́ Williams àti Roffey, ọdún 1989, ni olùkọ́ ń retí. Káfíńtà ni Williams náà. £20,000 ló fi gba iṣẹ́ fúláàtì 27 ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó há a, ilé iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún un sì ṣèlérí £575 sí i lórí fúláàtì kọ̀ọ̀kan tó bá parí, torí wọn yóò san owó ìtanràn bí iṣẹ́ bá pẹ́. Kóòtù ní àǹfààní tí wọ́n rí níbẹ̀ tó láti mú ìlérí náà dúró, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí ìhàlẹ̀. Ẹjọ́ yìí kò wọ́gi lé ti 1809. Ó kàn dín agbára rẹ̀ kù ni.

Gbólóhùn nípa ìhàlẹ̀ yẹn ni ó yẹ kí lẹ́tà rẹ̀ dì mú. Báyìí ni mo rò pé ó yẹ kó kọ ọ́:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo bẹ̀ yín kí ẹ tún ìdáhùn mi sí ìbéèrè kẹta wò, ní ojú ìwé kẹrin. Mo kọ ọ́ níbẹ̀ pé káfíńtà yìí dá iṣẹ́ dúró kí onílé tó ṣèlérí. Nínú ẹjọ́ Roffey, ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn ló dábàá àfikún. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ẹjọ́ 1809 ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu.”

Kò sọ pé olùkọ́ ṣì í, kò sì ráhùn nípa wákàtí tó fi kàwé. Ohun tó wà nínú ìwé ìdánwò rẹ̀ nìkan ló tọ́ka sí, torí ohun tí kò bá kọ lọ́jọ́ ìdánwò, lẹ́tà kò lè bá a kọ ọ́.

Bó bá mẹ́nu ba ẹjọ́ méjèèjì, tó sì ṣàlàyé ìdí tó fi yan ọ̀kan, 8 kéré jù fún un, ó sì yẹ kí olùkọ́ fi kún un. Bó bá jẹ́ Stilk nìkan ló kọ, kó má wulẹ̀ kọ lẹ́tà.