Ọmọ Tó Ti Ṣe Tán: Kí Ni Olùkọ́ Yóò Fún Un Ṣe?

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Pírámárì 5 kì í tíì dé ìdajì tí ohùn kan á fi dún: "Àǹtí, mo ti ṣe tán!" Ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti gbé bírò kalẹ̀, wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ ta ẹni tó jókòó níwájú wọn. Àwọn yòókù ṣì ń bá ìbéèrè kejì jìjàkadì. Ohun tí olùkọ́ bá fún àwọn tó ti ṣe tán yìí ló máa pinnu bí ìyókù ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ṣe máa rí fún gbogbo kíláàsì.

Ìdáhùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni, "Ó dáa, ṣe márùn-ún sí i." Ọmọ náà kò rí nǹkan tuntun kọ́ níbẹ̀, kò sì ní pẹ́ tó fi máa mọ̀ pé ẹni tó bá yára ni wọ́n ń di ẹrù rù, á wá rọra máa ṣe é. Èkejì ni, "Ṣí ojú ìwé tó kàn." Èyí ń sọ ọmọ náà sínú ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fẹ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ ìṣirò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ tó tètè lóye ní ìbéèrè tó jinlẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n tó gbé e lọ sórí òmíràn. Ẹ̀kẹta ni, "Lọ ran ẹlẹgbẹ́ rẹ lọ́wọ́." Ìyẹn dára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ ìdáhùn ju bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Kò ní pẹ́ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi máa dà á kọ.

Iṣẹ́ àfikún tó péye gbọ́dọ̀ ti inú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà gan-an jáde, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sínú lẹ́sìn-nóòtì rẹ̀ kó tó wọ kíláàsì. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ọmọ mọ̀ ni bí a ṣe ń wá ìwọ̀n àyíká onígun mẹ́rin àti àyè inú rẹ̀, kí wọ́n má sì pa méjèèjì pọ̀. Bí gígùn bá jẹ́ mítà 8 tí ìbú sì jẹ́ mítà 3, àyíká rẹ̀ á jẹ́ mítà 22, àyè inú rẹ̀ á sì gba àpótí 24 tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.

Iṣẹ́ àfikún tó bá a mu rèé: "Bàbá kan ní wáyà mítà 24. Ó fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe ọgbà adìẹ onígun mẹ́rin. Gígùn àti ìbú wo ló lè lò? Èwo ló máa ní àyè jù?" Tí a bá lo mítà odindi nìkan, ọgbà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 11 tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1 gba àpótí 11. Ti 10 àti 2 gba 20, ti 9 àti 3 gba 27, ti 8 àti 4 gba 32, ti 7 àti 5 gba 35, ti 6 àti 6 sì gba 36. Wáyà kan náà ni, síbẹ̀ àyè inú ọ̀kan ju ìlọ́po mẹ́ta èkejì lọ. Àṣìṣe kan tó gbilẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí ni kí ọmọ rò pé bí àyíká bá dọ́gba, àyè inú náà á dọ́gba. Ìbéèrè yìí ń fa èrò náà tu láti gbòǹgbò.

Bí ọmọ bá tún parí èyí, olùkọ́ kò nílò ojú ìwé tuntun. Ó lè bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé o ò fo ọ̀kankan?" Lẹ́yìn náà, "Tí ògiri ilé bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, tí wáyà sì yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta yòókù ká ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ ọmọ á sáré sọ pé 8 sí 8 ni, nítorí èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba ló borí tẹ́lẹ̀. Àpótí 64 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ méjì bá jẹ́ 6 tí èyí tó kọjú sí ògiri jẹ́ 12, àpótí 72 ni. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá ṣe irú ọgbà yẹn sí òdìkejì ògiri, méjèèjì papọ̀ á di 12 sí 12.

Àwọn yòókù ńkọ́? Àwọn náà lè wọ inú ìbéèrè wáyà yìí. NRICH, iṣẹ́ àkànṣe ìṣirò ní Yunifásítì Kémbíríìjì, gbajúmọ̀ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í tètè tán. Ẹni tó ń tiraka lè gba igi ìṣáná 24, kó tò ó sórí bẹ́ǹṣì títí á fi rí ọgbà méjì tàbí mẹ́ta. Ìrànlọ́wọ́ ló yàtọ̀, ìbéèrè kò yàtọ̀.

Nínú ìṣẹ́jú 40, olùkọ́ lè fi 10 ṣàlàyé lójú pátákó, kí gbogbo ọmọ fi 15 ṣe iṣẹ́ ìpìlẹ̀, kí 10 jẹ́ ti wáyà, kí 5 ṣẹ́ kù fún ìparí. Nínú ìṣẹ́jú 10 ti wáyà yẹn, ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń tiraka ni olùkọ́ á jókòó sí. Nítorí náà, ìbéèrè àfikún gbọ́dọ̀ wà lójú pátákó tàbí lórí páálí tí ọmọ méjì á jọ máa wò, kó sì yé wọn láìpe olùkọ́. Bí wọ́n bá ń pè é ṣáá, ìbéèrè náà ni kò ṣe kedere, àwọn tó nílò olùkọ́ jù ló sì ń pàdánù.

Kí olùkọ́ má fi ìyára nìkan yan ẹni tó máa kọjá sí iṣẹ́ àfikún. Ìbéèrè kan ti tó láti mọ̀: "Àyíká onígun mẹ́rin kan jẹ́ mítà 20, gígùn rẹ̀ jẹ́ 7. Kí ni ìbú rẹ̀?" Ẹni tó sọ pé 3, ó ti yé e. Ẹni tó sọ pé 13 kàn yọ 7 kúrò nínú 20 ni. Bó ti wù kó yára tó, kò tíì rántí pé ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè yìí ni kó yan ọmọ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ orúkọ tí olùkọ́ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹni tí ìdá nǹkan ń dà láàmú lè mọ onígun mẹ́rin dáadáa.

Ní ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn, ọmọ kan tó ṣe àfikún á kọ ọgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sójú pátákó kí gbogbo kíláàsì rí i. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo wọn dáhùn ìbéèrè kan náà sórí abala ìwé: ọgbà tó jẹ́ mítà 9 sí 4, wáyà mélòó, àpótí mélòó? Mítà 26 àti àpótí 36 ni. Kí olùkọ́ pín abala ìwé náà sọ́nà mẹ́ta: àwọn tó gbà á, àwọn tó fi ọ̀kan sípò èkejì, àti àwọn tí ìdáhùn wọn jìnnà. Bí ìdajì kíláàsì bá wà ní ọ̀nà kejì àti ìkẹta, àlàyé ìpìlẹ̀ ni kò wọlé, iṣẹ́ àfikún kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Kí olùkọ́ tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má retí kí ọmọ pariwo pé òun ti ṣe tán kẹ́ ẹ tó máa wá iṣẹ́ fún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó jinlẹ̀, tẹ́ ẹ ti kọ sínú lẹ́sìn-nóòtì, tó fún ẹ̀kọ́ kan. Ẹ̀yin òbí náà, bí ọmọ yín bá délé tó ní òun ló kọ́kọ́ ṣe tán, ẹ bi í ní ohun tó ṣe lẹ́yìn náà.