"Ó Bá Mi Tà Á": Bí Ọ̀rọ̀-Ìṣe Méjì Ṣe Fẹ́ẹ̀ Sọ Olóòótọ́ Di Olè

Ìdílé Yorùbá kan ní Àṣáńtì Níù Táùn, ní ìlú Kùmásí, fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún fún màmá wọn. Wọ́n ní kí màmá sọ bí wọ́n ṣe fi Gánà sílẹ̀ ní ọdún 1969. Ọmọ-ọmọ wọn kan gbà á sílẹ̀, ó sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn aládùúgbò tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbọ́ ọ níbi àpèjẹ. Lára àwọn tí wọ́n pè ni àwọn ọmọ-ọmọ ìyá Àṣáńtì kan tó wà nínú ìtàn náà.

Ọmọbìnrin màmá ló fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ohun kan nínú Gẹ̀ẹ́sì náà ń kọ òun lóminú. Nígbà tí a kà á, àyà tiwa náà já. Nínú Yorùbá màmá, ìyá Àṣáńtì yẹn jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ọmọ-ọmọ, olè ni.

Ọ̀rọ̀ màmá nìyí:

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wa. Mo sáré kó ẹrù jọ, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Àṣáńtì ilé kejì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wọ ilé rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bá mi tà á. Ó fi owó rẹ̀ rán awakọ̀ kan sí mi. Awakọ̀ yẹn mú un wá fún mi ní pípé. Mo ra ẹ̀rọ mìíràn lò."

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé ti mọ ọjọ́ mẹ́rìnlá tí màmá ń sọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofí Busíà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò ní Gánà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń tajà ní Kùmásí ló fi ilé àti ọjà sílẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá rí aládùúgbò bá a tọ́jú ẹrù nígbà yẹn kì í gbàgbé rẹ̀.

Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti yí ọ̀rọ̀ padà

Gbólóhùn méjì ló ba ìtàn náà jẹ́. Níbi tí màmá ti ní "ó bá mi tà á," ọmọ-ọmọ kọ "She met me and sold it." Níbi tí màmá ti ní "ó fi owó rẹ̀ rán awakọ̀ kan sí mi," ó kọ "She used the money to send a driver to me." Ẹni tó bá ka Gẹ̀ẹ́sì yìí á rò pé obìnrin náà pàdé màmá, ó ta ẹ̀rọ wọn, ó sì ná owó rẹ̀ láti fi háyà awakọ̀.

Ọmọ náà kò purọ́, kò sì ya ọ̀lẹ. Ó mú ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kan dípò rẹ̀, ó sì fi "and" so wọ́n pọ̀. Ohun tó sá fún un ni pé gbólóhùn màmá kún fún ohun tí àwọn onímọ̀ gírámà ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀. Bí a ṣe ń sin ìlẹ̀kẹ̀ sí okùn kan ni Yorùbá ṣe ń to ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, mẹ́ta, sí abẹ́ olùwà kan ṣoṣo, láìsí "sì" tàbí "àti" láàárín wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà ọrùn kan ṣoṣo ni.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Ẹ fi "kò" sí i. "Kò gbé ẹ̀rọ náà wọ ilé": "kò" kan ṣoṣo ló bo "gbé" àti "wọ" mọ́lẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní "Ó gbé ẹ̀rọ, ó sì wọ ilé," ìṣẹ̀lẹ̀ méjì lẹ sọ, ẹ ó sì ní láti kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdánwò yìí rọrùn, àwọn ọmọ lè ṣe é nídìí oúnjẹ alẹ́.

Àwọn ọmọ Kùmásí tilẹ̀ ní ànfààní kan. Èdè Tíwì tí wọ́n ń gbọ́ ládùúgbò náà máa ń sin ọ̀rọ̀-ìṣe pọ̀. Ẹni tó bá ní "fa bra" sọ "mú" àti "wá" tẹ̀léra, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ "mú un wá." Krisitálà, míṣọ́nnárì tó kọ ìwé gírámà Tíwì ní ọdún 1875, ti ṣàkíyèsí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Bring" kan ṣoṣo ló fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ẹ béèrè pé iṣẹ́ mélòó ló ṣẹlẹ̀

Kí ẹ tó tú ọ̀rọ̀-ìṣe asínpọ̀, ẹ má ka iye ọ̀rọ̀-ìṣe, iye ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí ẹ kà. Bó bá jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kékeré bí "into," "to," "for" tàbí "with" gbé ìyókù.

Ẹ wo "gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wọ ilé rẹ̀." Ọmọ-ọmọ kọ ọ́ pé obìnrin náà gbé ẹ̀rọ, ó sì wọ ilé. Ta ló wọlé? Obìnrin náà wọlé, ẹ̀rọ náà sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ìrìn kan ni. "Wọ" ló di "into": "She carried my sewing machine into her house." Ẹ rántí pé kì í ṣe olùwà ló máa ń ni ọ̀rọ̀-ìṣe kejì nígbà gbogbo. Bí a bá ní "Ó ti ọmọ náà ṣubú," ọmọ ló ṣubú, ẹni tó tì í ṣì wà lórí ìró. Ẹni tó bá kọ "He pushed the child and fell" ti gbé ìṣubú fún ẹlòmíràn.

"Mú un wá fún mi" ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta, síbẹ̀ "brought it to me" ti tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni "wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́." Ẹni tó bá kọ "entered a vehicle and went" kò ṣìnà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń rìn bí ẹni tí bàtà ń ha. "Took a lorry to Ogbomoso" ni yóò sọ ọ́ geere.

"Bá" àti "fi"

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí gbólóhùn méjì tó ba orúkọ obìnrin yẹn jẹ́. "Bá" lè túmọ̀ sí pàdé, bí a ṣe ń sọ pé "Ó bá mi nílé." Níbẹ̀, "bá" nìkan ni ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn bá tẹ̀ lé e, bíi "bá mi gbé e," "bá mi kí wọn," ìrànlọ́wọ́ tàbí àjọṣe ni ó ń sọ. Kí ni yóò sọ èwo fún wa nínú méjèèjì? Ìtàn ni. Màmá ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n ta ẹ̀rọ náà ní Kùmásí. Wọn kò lè pàdé, wọn kò sì lè jọ tà á. Ohun tó kù ni pé obìnrin náà dúró fún màmá: "She sold it for me."

"Fi" náà ní ọ̀nà méjì. Nínú "Ó fi ọ̀bẹ gé iṣu," irinṣẹ́ ni ọ̀bẹ, "with a knife" sì ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú "Ó fi owó rán awakọ̀," owó kì í ṣe irinṣẹ́, ẹrù tí awakọ̀ gbé dání ni. Ẹ wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e: awakọ̀ mú un wá "ní pípé." Bó bá ṣe pé wọ́n ti fi owó náà san owó ọkọ̀ ni, kí ló kù tí yóò pé? Nítorí náà, "She sent me the money by a driver" ni màmá wí.

Méjì tó ń tan ènìyàn

"Mo sáré kó ẹrù jọ" kò sọ pé màmá sáré káàkiri. Ẹni tó jókòó sójú kan pàápàá lè "sáré kọ lẹ́tà." Bí ẹsẹ̀ kò bá sí nínú ọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé bí iṣẹ́ ṣe yá ni "sáré" ń sọ: "I packed in a hurry." Irú èyí, níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ti ń ṣàpèjúwe èkejì, ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà onímọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń so ìṣẹ̀lẹ̀ pọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣàtakò sí i.

Èyí tó kẹ́yìn ni "Mo ra ẹ̀rọ mìíràn lò." Ọmọ-ọmọ kọ "I bought another machine to use." Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó dín. Ẹni tó ra nǹkan láti lò lè má lò ó rárá. Ẹ gbìyànjú èyí: "Mo ra ẹran jẹ, ṣùgbọ́n n kò jẹ ẹ́." Etí Yorùbá á kọ̀ ọ́. "Mo ra ẹran láti jẹ, ṣùgbọ́n n kò jẹ ẹ́" ò burú ní tirẹ̀. Bí a bá ti sin "rà" àti "lò" pọ̀ báyìí, lílò náà ti ṣẹlẹ̀. Màmá ń sọ fún wa pé òun tún padà sídìí aṣọ rírán, pé owó obìnrin yẹn ló gbé òun dìde. Ibí ni a ti gba "and" láàyè: "I bought another machine and sewed with it."

Ohun tí a fi ránṣẹ́ padà nìyí:

"They gave us fourteen days. I packed in a hurry and we took a lorry to Ogbomoso. The Asante woman next door carried my sewing machine into her house. Later she sold it for me. She sent me the money by a driver, and he brought it to me complete. I bought another machine and sewed with it."

Ọmọbìnrin màmá ní òun ka èyí fún ìyá òun lójú gbólóhùn, òun sì ń tú u padà sí Yorùbá bí òun ṣe ń kà á. Nígbà tó dé ibi owó, màmá ní kó dúró, kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá àwọn ọmọ-ọmọ obìnrin náà yóò lè wá lóòótọ́.