Ohun tó yẹ kí ímeèlì iye owó sọ kí ríìgì tó gbéra lọ gbẹ́ kànga-dẹ́rọ ní Ìlọrin

Àpáta ayébáyé ló tẹ́ sábẹ́ ìlú Ìlọrin, láti Tanke dé Gaa Akanbi. Omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ kò sí níbòmíì ju inú erùpẹ̀ rírọ̀ tó wà lókè àpáta àti ojú ibi tí àpáta náà ti sán lọ. Ẹni tó fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò lè tọ́ka sí ibi tó jọ pé omi wà, àmọ́ kò lè búra. Kí agbẹ́kànga tó mọ bí ilẹ̀ ṣe rí, oníbàárà ti ní kó dá owó lé e. Nítorí náà, ìwé iye owó kànga-dẹ́rọ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí owó náà rà, ọjọ́ tó máa kú, àti ìgbà tí wọ́n máa san án.

Ká ní Alàájì kan ń kọ́lé sí Tanke, tó pe agbẹ́kànga kan ní Taiwo, tí ìyẹn sì dá a lóhùn pé: “Alàájì, mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ni gbogbo ẹ̀.” Inú “gbogbo ẹ̀” yìí ni ìjà pamọ́ sí. Lọ́kàn Alàájì, táǹkì wà níbẹ̀, irin tí táǹkì máa jókòó lé wà níbẹ̀, omi sì ti dé ilé ìdáná. Lọ́kàn agbẹ́kànga, ihò, páìpù inú rẹ̀ àti pọ́ǹpù ni. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Bí agbẹ́kànga yẹn bá fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe yẹ, àkọlé ímeèlì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: “Iye owó kànga-dẹ́rọ, Tanke, nọ́mbà 027, ó dúró di ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2025.” Ẹni tó bá ń wá a lórí fóònù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yóò rí i láìṣí ìwé kankan. Kó má ṣe fi àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì pamọ́ sínú ìwé tó so mọ́ ímeèlì nìkan, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka ìwọ̀nba tó hàn lójú fóònù tí wọ́n sì ń fèsì.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó gba ààyè jù. Ó lè kà báyìí: “Alàájì, a ó yẹ ilẹ̀ wò, a ó gbẹ́ ihò dé 60 mítà, a ó ki páìpù bọ̀ ọ́, a ó fọ ihò náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, a ó sì fi pọ́ǹpù ẹlẹ́ṣin kan sí i. ₦2,500,000 ni, owó orí fáàtì wà nínú rẹ̀. Táǹkì, irin tó máa gbé e, páìpù tó wọlé àti wáyà iná láti mítà yín kò sí níbẹ̀.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló máa ń ṣòro fún oníṣòwò láti kọ, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé oníbàárà máa sá. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni kò gbọ́dọ̀ fò. Bó bá sì dákẹ́ lórí fáàtì, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yìí jẹ́ ₦187,500, ìyẹn sì tó dá ìjà sílẹ̀.

Ó ku ohun tí a kò lè rí. “Bí a bá ní láti kọjá 60 mítà, ₦20,000 ni mítà kọ̀ọ̀kan, a kò sì ní kọjá rẹ̀ láìgbọ́ lẹ́nu yín. Bí ihò bá gbẹ láìsí omi, ẹ kò ní san ju ìpín owó àkọ́kọ́ lọ.” Ẹlòmíì lè ṣe é lọ́nà míì, kó ní òun yóò gbẹ́ ihò kejì ní ìdajì owó. Èyí tó bá wù ú ni kó mú, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ríìgì tó dé. Ihò tí kò lómi ti ná agbẹ́kànga ní dísẹ́ẹ̀lì àti owó òṣìṣẹ́, ẹnì kan sì máa san án.

Ní ti ọjọ́, “iye yìí dúró fún ọjọ́ méje” kò tó. Láti ọjọ́ wo? Ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ àbí ọjọ́ tí Alàájì kà á? Ó dára kó jẹ́: “Iye yìí dúró títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2025. Kí èsì yín àti owó àkọ́kọ́ ti dé ọwọ́ wa kí aago náà tó lù.” Ọ̀pọ̀ nínú pọ́ǹpù tí wọ́n ń lò ń ti òkè òkun wá, nítorí náà iye wọn ń tẹ̀ lé iye dọ́là. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú ìdè lára náírà, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí ₦470 ní ọjà ìjọba, ó sì kọjá ₦600 lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ti fún èèyàn ní iye tó máa dúró fún oṣù kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn ní láti yàn bóyá kí òun jẹ gbèsè tàbí kí òun yẹ àdéhùn.

Ìnájà wà pẹ̀lú. Alàájì yóò ní: “Gba mílíọ̀nù méjì.” Agbẹ́kànga yóò kọ̀. Lọ́jọ́ kẹta Alàájì á padà wá, á ní òun ti gba mílíọ̀nù méjì àbọ̀. Ṣé iye yẹn ṣì wà? Ní England lọ́dún 1840, Hyde fẹ́ ra oko lọ́wọ́ Wrench. Wrench ní £1,000, Hyde ní £950, Wrench kọ̀, Hyde wá ní òun ti gba £1,000. Ilé ẹjọ́ ní kò sí àdéhùn láàárín wọn, torí £950 tí Hyde dá ti pa iye àkọ́kọ́. Òfin àdéhùn Nàìjíríà gbé ìlànà yìí láti ibẹ̀. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí owó tàbí iṣẹ́ bá yí, kí ímeèlì tuntun jáde, kó sì sọ pé: “Àtúnṣe kejì nìyí, ó rọ́pò ti àkọ́kọ́.” Kí oníbàárà fèsì pé òun gba nọ́mbà 027, àtúnṣe kejì. “Ó ti dára, ẹ máa bọ̀” kò sọ èwo ló gbà.

Owó sísan gbọ́dọ̀ so mọ́ ohun tí àwọn méjèèjì lè fojú rí. “Tí iṣẹ́ bá parí” kò wúlò, torí lójú agbẹ́kànga, iṣẹ́ parí nígbà tí ríìgì kúrò, lójú Alàájì, ó di ìgbà tí omi bá jáde. Kó kọ ọ́ pé: ₦1,500,000 kí ríìgì tó gbéra, ₦750,000 lọ́jọ́ tí a bá fọ ihò tí omi rẹ̀ mọ́, ₦250,000 lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù bá fa omi fún wákàtí kan níṣojú yín tàbí níṣojú ẹni tí ẹ bá rán. Kó fi nọ́mbà àkáǹtì sí i, kó sì sọ pé bí ímeèlì míì bá mú àkáǹtì tuntun wá, kí Alàájì kọ́kọ́ pe òun lórí nọ́mbà tó ti ń pè tẹ́lẹ̀, torí àwọn oníjìbìtì máa ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé.

Gbogbo èyí kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n sọ lójú iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Bí ríìgì bá dé 60 mítà tí omi kò tíì tó, tí ohun tó ń jáde látinú ihò ń fi hàn pé àpáta ti ń sán, kí ríìgì dúró kí ímeèlì kékeré kan lọ: “Alàájì, a ti dé 60 mítà. A rò pé 12 mítà sí i lè mú omi wá, ₦240,000 nìyẹn. Ṣé ká tẹ̀síwájú?” Ìgbà tí èsì bá dé ni kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.