Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ohun Tó Ń Mú Kí Àwòrán Fa Ojú Ìwé Sẹ́yìn

Ká ní oníṣòwò aṣọ òkè kan fi fóònù ya àwòrán 20, ó sì gbé wọn sórí ìkànnì rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000, ó sì wọn mẹgabáìtì 4. Oníbàárà á jó dátà mẹgabáìtì 80, bẹ́ẹ̀ ojú fóònù rẹ̀ lè má fẹ̀ ju píksẹ́lì 1080 lọ.

Kí oníṣòwò kọ́kọ́ dín àwòrán kù sí 1080. Gíga náà á dín kù, iye píksẹ́lì ò sì ní tó ìdá kan nínú 13 mọ́. Lẹ́yìn náà, kó fi í pamọ́ ní WebP tí Google gbé jáde ní 2010. Ó sábà máa ń fúyẹ́ ju JPEG lọ. AVIF tún lè fúyẹ́ sí i. Àmọ́ tó bá fún àwòrán náà pọ̀ jù, fọ́nrán òwú ara aṣọ á di rúdurùdu. Ibẹ̀ ni kó tẹjú mọ́.

Àwòrán tó wà nísàlẹ̀ lè dúró títí oníbàárà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀:

```
<img src="aso5.webp" width="1080" height="810" loading="lazy">
```

`width` àti `height` ń fi àyè pamọ́ kí ọ̀rọ̀ má baà máa fò kiri. Kó má fi `lazy` sí àwòrán àkọ́kọ́ lókè, torí ìyẹn á pẹ́ kó tó yọ.