Nígbà tí Áàpù Bá Há sí "Pending"

Lórí fóònù Android, bí Play Store bá kọ "Pending" sábẹ́ áàpù tí ẹnìkan fẹ́ gbà, iṣẹ́ náà kò tíì kùnà. Áàpù náà ń dúró de nǹkan kan ni, ohun tó ń dúró dè ló sì yẹ kí onífóònù kọ́kọ́ wá.

Lọ́pọ̀ ìgbà, áàpù mìíràn ló wà níwájú rẹ̀. Bí fóònù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí Wi-Fi, Play Store lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn áàpù àtijọ́ di tuntun láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí onífóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ yóò sì tò sẹ́yìn wọn. Kí ó tẹ àwòrán àkáǹtì rẹ̀ lókè Play Store, kí ó wọ "Manage apps & device", yóò rí àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́. Ó lè dá wọn dúró kí tirẹ̀ lè kọjá.

Bí kò bá sí ohunkóhun níwájú rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló kàn. Ní "Settings" inú Play Store fúnra rẹ̀, lábẹ́ "Network preferences", ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní "App download preference". Bí a bá ti yan "Over Wi-Fi only" níbẹ̀, dátà síìmù kò ní gbé áàpù kankan wọlé, bó ti wù kí ó pọ̀ tó. "Over any network" ni ẹni tó ń lo dátà síìmù máa yan. Ohun kan tún wà tó ń tan àwọn èèyàn ní Nàìjíríà. Dátà olówó pọ́ọ́kú tó wà fún WhatsApp àti irú rẹ̀ nìkan kì í ṣí Play Store. Ìfiránṣẹ́ yóò máa wọlé dáadáa, onífóònù yóò sì rò pé Play Store ló bàjẹ́. Kí ó ṣí ojú ìwé kan tí kò ṣí rí nínú Chrome. Bí kò bá ṣí, dátà gidi ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ àyè yàtọ̀ sí èyí, nítorí ó máa ń jẹ́ kí áàpù bẹ̀rẹ̀ kó tó kùnà. Ká ní fóònù kan ku mẹ́gábáìtì 300, tí Play Store sì sọ pé áàpù náà jẹ́ mẹ́gábáìtì 150. Ó jọ pé àyè tó, ṣùgbọ́n ó lè má tó. Lẹ́yìn tí fáìlì bá wọlé tán, fóònù ṣì máa tú u, yóò sì tò ó síbòmíràn, àyè tí yóò gbà lápapọ̀ sì máa ń ju iye tí wọ́n kọ lọ. Ìmọ̀ràn Google ni pé kí èèyàn dín ẹrù kù bí àyè tó ṣẹ́ kù kò bá tó gígábáìtì 1. Fídíò WhatsApp ló sábà máa ń jẹ àyè jù: "Settings", "Storage and data", "Manage storage" ni a ti lè rí àwọn tó tóbi, ká sì pa wọ́n rẹ́. Fọ́tò tí a bá pa rẹ́ nínú gálárì kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà o. Inú "Trash" tàbí "Bin" ló máa ń wà, ó sì ṣì ń gba àyè títí a ó fi kó ibẹ̀ dànù.

Déètì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Kí fóònù tó gba nǹkankan lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà Google, ó máa ń wo ìwé ẹ̀rí tí kọ̀ǹpútà náà fi hàn, ìwé ẹ̀rí yìí sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú fún ìgbà pípẹ́ lè padà sí ọdún tó ti kọjá, bíi 2015. Lójú rẹ̀, ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, kò sì ní gbà á. Àwọn tó ń yí déètì nítorí géèmù náà máa ń kó sí wàhálà yìí. Àmì rẹ̀ ni pé Chrome yóò kọ "Your clock is behind" tàbí "Your clock is ahead". Kí a lọ sí "Date & time" nínú "Settings" fóònù, ká jẹ́ kó máa gba déètì àti aago fúnra rẹ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ti àkáǹtì kì í le. Ẹni tó yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà lórí ẹ̀rọ mìíràn lè rí "Authentication is required" lórí Play Store. Kí ó yọ àkáǹtì náà kúrò lórí fóònù, kí ó tún fi sí i, ṣùgbọ́n kí ó dá a lójú pé ó mọ páásíwọ́ọ̀dù tuntun náà kó tó yọ ọ́.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá wà bó ṣe yẹ, kí a wá Google Play Store láàárín àwọn áàpù nínú "Settings" fóònù, ká tẹ "Clear cache", lẹ́yìn náà "Clear storage". Kò ní pa áàpù kankan rẹ́. Ṣùgbọ́n bí Play Store bá sọ pé áàpù náà kò bá fóònù ọ̀hún mu, kò sí èyí tó máa ràn án nínú gbogbo ohun tí a ti sọ. Android fóònù náà lè ti gbó jù fún un. Kí onífóònù má ṣe torí èyí gba fáìlì áàpù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí.