Ètò Káàdì Kan, Àdírẹ́sì Kan: Bí A Ṣe Ń Fi Fáyáwọ̀ọ̀lù Windows Dá Ètò Kọ̀ǹpútà Dúró Sínú Ilé

Ìwé yìí wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti láwọn ìlú tó yí i ká ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríadé, pàápàá jù lọ ẹni tí ìtọ́jú kọ̀ǹpútà yàrá káàdì já lé léjìká. Kò dìgbà tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà bá ti Iléṣà tàbí Àkúrẹ́ dé kẹ́ ẹ tó lè ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 10 tàbí Windows 11, àti ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tó láṣẹ lórí kọ̀ǹpútà náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìwòsàn kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan wà nínú yàrá káàdì, òun ló di gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn mú. Sáfà la ó máa pè é. Láptọ́ọ̀pù kan wà níbi táwọn èèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀, èkejì wà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń rí sí àwọn aboyún. Lórí láptọ́ọ̀pù méjèèjì ni ètò kan wà tá a ó pe orúkọ rẹ̀ ní Kaadi. Bí ìyá kan bá dé, nọ́ọ̀sì á tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú Kaadi, Kaadi á lọ bá sáfà, á sì mú àkọsílẹ̀ ìyá náà wá. Ráútà kan ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ráútà yìí kan náà ló sì ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ìròyìn oṣooṣù ránṣẹ́, wọ́n sì ń ka ímeèlì.

A ò lè gé íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá, iṣẹ́ á dúró. Ṣùgbọ́n Kaadi fúnra rẹ̀ kò ní ohunkóhun ṣe níta. Ẹni tó yẹ kó máa bá sọ̀rọ̀ kò ju sáfà lọ. Ohun tí ìyá kan sọ fún nọ́ọ̀sì nípa oyún rẹ̀ tàbí nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú Kaadi. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù. Nítorí náà, a fẹ́ kí Kaadi máa lọ sọ́dọ̀ sáfà nìkan, kó má lè dé ibòmíì.

Oníbodè àti iṣẹ́ méjì tí kò bára mu

Ẹ fọkàn yàwòrán oníbodè láyé àtijọ́, tó jókòó sẹ́nu bodè ìlú. Fáyáwọ̀ọ̀lù Windows ni oníbodè kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ ni pé ó máa ń dá àwọn tó ń wọlé dúró àyàfi tá a bá ti sọ nípa wọn fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jáde, kì í bi í léèrè. Kódà, oníbodè inú Windows XP kò mọ̀ nípa àwọn tó ń jáde rárá. Àtorí Windows Vista ni Windows ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Ẹni tó ń jáde ni Kaadi, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jáde náà la ó ti ṣòfin.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí náà ṣì í ṣe rí, ní ilé ìwòsàn kan lágbègbè yìí. Mo ṣe òfin méjì. Àkọ́kọ́ ní: ẹ má jẹ́ kí Kaadi jáde rárá. Èkejì ní: ẹ jẹ́ kí Kaadi lọ sọ́dọ̀ sáfà. Lójú mi, wọ́n bára mu, torí bá a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, á yé e. Àárọ̀ ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ àwọn aboyún. Àwọn ìyá ti tò sórí bẹ́ǹṣì, káàdì wọn wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn, Kaadi kò sì rí sáfà. Ìwé ńlá la padà fà yọ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ la fi kọ gbogbo rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Oníbodè yìí kì í wo òfin tó kọ́kọ́ wà tàbí èyí tó wà lókè. Bí òfin kan bá ní kó dínà, tí òmíràn sì ní kó ṣílẹ̀ fún ìrìn kan náà, èyí tó ní kó dínà ló máa ń tẹ̀ lé. Òfin ìdínà tó bo gbogbo ayé ti gbé sáfà mì pẹ̀lú àwọn yòókù. Òfin ìyọ̀ǹda kankan ò lè yọ ọ́ jáde níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ká kúkú yí oníbodè padà pátápátá, kó máa dá gbogbo ẹni tó ń jáde dúró, ká wá máa ṣí ọ̀nà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ́ ṣòfin fún búráósà, fún ímeèlì, fún ìmúdójúìwọ̀n Windows àti fún ohun gbogbo yòókù. Mi ò gba ilé ìwòsàn tí kò ní òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Dí gbogbo ibòmíì, fi àlàfo kan sílẹ̀

Ọ̀nà tó rọrùn ni òfin ìdínà kan ṣoṣo tó bo gbogbo àdírẹ́sì ayé, àyàfi ti sáfà. Bí a ṣe ń fi ọgbà yí oko ká, tí a sì ń fi ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀, ni. Ẹ jẹ́ ká ní 192.168.1.10 ni àdírẹ́sì sáfà. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni 192.168.1.9, èyí tó tẹ̀ lé e ni 192.168.1.11. A ó dí láti ìbẹ̀rẹ̀, 0.0.0.0, títí dé 192.168.1.9, a ó sì dí láti 192.168.1.11 títí dé òpin, 255.255.255.255. Àlàfo tó ṣẹ́ kù láàárín wọn ni sáfà.

Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ `wf.msc`, kẹ́ ẹ sì tẹ Enter. Lápá òsì, ẹ yan Outbound Rules, lẹ́yìn náà New Rule lápá ọ̀tún. Wọ́n á bi yín pé irú òfin wo. Ẹ má yan Program, torí kò ní béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ yín; Custom ni kẹ́ ẹ yan. Níbi This program path, ẹ wá fáìlì Kaadi fúnra rẹ̀ kàn. Ẹ fi Protocol sílẹ̀ sí Any. Tẹ́ ẹ bá dé ojú ìwé Scope, apá ìsàlẹ̀ tó ń sọ nípa remote ni kẹ́ ẹ lò: ẹ yan These IP addresses, ẹ tẹ Add, kẹ́ ẹ sì fi ìlà méjèèjì síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú This IP address range. Lẹ́yìn náà, ẹ yan Block the connection. Níbi Profile, ẹ fi àmì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí bí ẹnì kan bá so láptọ́ọ̀pù mọ́ hótísípọ́ọ̀tì fóònù rẹ̀, Windows lè kà á sí ibi ìta gbangba, òfin tẹ́ ẹ ṣe fún ilé nìkan kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ràn kó kọ ọ́, kó ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ, kó sì kọ èyí:

```
New-NetFirewallRule -DisplayName "Kaadi IPv4" `
  -Direction Outbound -Action Block `
  -Program "C:\Program Files\Kaadi\Kaadi.exe" `
  -RemoteAddress "0.0.0.0-192.168.1.9","192.168.1.11-255.255.255.255"

New-NetFirewallRule -DisplayName "Kaadi IPv6" `
  -Direction Outbound -Action Block `
  -Program "C:\Program Files\Kaadi\Kaadi.exe" `
  -RemoteAddress "2000::/3","fc00::/7","fe80::/10","64:ff9b::/96"
```

Òfin kejì ṣe pàtàkì, ẹni tó lo `wf.msc` náà gbọ́dọ̀ ṣe é. Irú àdírẹ́sì méjì ló wà lóde òní, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kúrú, IPv4, àti èyí tó gùn, IPv6. Òfin àkọ́kọ́ kò mọ IPv6 rárá, ọ̀pọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù sì ti ń lò ó. Bí òfin kejì ò bá sí, ẹ ti ti ilẹ̀kùn iwájú, ẹ sì ṣí ti ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń kó ìdààmú bá àwọn kan: ṣé ká fi àlàfo sílẹ̀ fún òun náà? Rárá. Kaadi kọ́ ló ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Ó máa ń fa iṣẹ́ lé Windows lọ́wọ́, Windows á sì fi ètò tirẹ̀ gbé e lọ.

Nígbà tí iná bá lọ, tó sì padà dé

Èyí tó ń da òfin yìí rú jù níbí ni iná. Ráútà ló ń pín àdírẹ́sì fún àwọn kọ̀ǹpútà. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí gbogbo ẹ̀rọ kú, tí wọ́n sì jí padà, ráútà lè fún sáfà ní 192.168.1.14 dípò 10. Bẹ́ ẹ bá tilẹ̀ sọ ibi tuntun yẹn fún Kaadi, òfin ti dí i. Iṣẹ́ á dúró, wọn á sì ní Kaadi ló bàjẹ́. Kẹ́ ẹ tó ṣòfin rárá, ẹ wọ inú ráútà, kẹ́ ẹ so àdírẹ́sì 192.168.1.10 mọ́ sáfà títí láé. Address Reservation ni ọ̀pọ̀ ráútà ń pè é. Òfin wa kò gba orúkọ, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀, nítorí náà nọ́ńbà náà kò gbọ́dọ̀ máa yí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́

Ẹ ti Kaadi, kẹ́ ẹ tún un ṣí, kẹ́ ẹ sì fa àkọsílẹ̀ aláìsàn kan yọ. Bó bá jáde, àlàfo wà. Ó ku kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ọgbà náà wà. Ẹ má ṣe fi búráósà dán an wò, ẹ má sì fi ping dán an wò. Kaadi nìkan lòfin yìí mọ̀, àwọn yẹn á jáde bí ìṣe wọn. Ẹ jẹ́ kí oníbodè máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá dá ẹnì kan dúró. Ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ, kẹ́ ẹ kọ èyí:

```
Set-NetFirewallProfile -All -LogBlocked True
```

Ẹ lo Kaadi fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá ṣí `pfirewall.log` nínú `C:\Windows\System32\LogFiles\Firewall`. Bí Kaadi bá ti gbìyànjú láti jáde, ẹ̀ẹ́ rí ìlà tó jọ èyí, bá a bá gé e kúrú:

```
2025-11-04 09:12:40 DROP TCP 192.168.1.23 203.0.113.8 51522 443
```

Láptọ́ọ̀pù wa, 192.168.1.23, fẹ́ lọ sí 203.0.113.8, wọ́n sì dá a padà. Fáìlì yìí kì í kọ orúkọ ètò tó ń lọ, nítorí náà ẹ wo wákàtí rẹ̀ bóyá ó bá ìgbà tẹ́ ẹ ṣí Kaadi mu. Ẹ tún lè ṣí `resmon`, kẹ́ ẹ wo TCP Connections lábẹ́ Network. Níbẹ̀, orúkọ ètò àti àdírẹ́sì tó ń bá sọ̀rọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kaadi.exe, 192.168.1.10 nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ rí, àyàfi 127.0.0.1, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ibi tí agbára òfin yìí mọ

Ibi tí fáìlì wà ni oníbodè fi ń dá ètò mọ̀. Bí àwọn tó ṣe Kaadi bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, tó wá lọ jókòó sínú fódà míì, òfin ò mọ̀ ọ́n mọ́, á sì máa jáde bó ṣe wù ú láìsí ẹni tó máa fura, torí iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ó tún lè jẹ́ pé Kaadi ní ètò kékeré míì tó ń bá a wá nǹkan tuntun kiri, bíi Update.exe, ìyẹn nílò òfin tirẹ̀. Ẹ wo fódà náà lẹ́yìn gbogbo ìmúdójúìwọ̀n.

Bí ilé ìwòsàn yín bá ra áńtífáírọ́ọ̀sì tó ní fáyáwọ̀ọ̀lù tirẹ̀, òun lè gba ipò oníbodè, àwọn òfin tẹ́ ẹ ṣe nínú Windows á sì wà níbẹ̀ láìṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti tún wọn ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà aláṣẹ lè pa òfin rẹ́, nítorí náà ẹ fún àwọn nọ́ọ̀sì ní àkáǹtì lásán láti máa fi ṣiṣẹ́.

Bí iṣẹ́ bá dúró lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, ẹ má pa òfin náà rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì sáfà: lórí sáfà, ẹ ṣí `cmd`, ẹ kọ `ipconfig`, kẹ́ ẹ wo ìlà IPv4 Address. Bí kì í bá ṣe 192.168.1.10, ẹ lọ tún un ṣe nínú ráútà, kẹ́ ẹ tan sáfà padà. Bó bá jẹ́ òun, tí Kaadi kò sì ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ẹ padà sí `wf.msc`, ẹ tẹ orí òfin Kaadi méjèèjì, kẹ́ ẹ yan Disable Rule. Bí Kaadi bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà kan nínú Scope ni kò tọ̀nà. Bí kò bá ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ẹ wo wáyà àti sáfà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ wákàtí tẹ́ ẹ dá òfin náà dúró sórí ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà, kí ẹni tó bá wọṣẹ́ tẹ̀ lé yín lè mọ̀ pé kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́.